Ìwé Tí Tọkọtaya Ń Kọ Kí Ọ̀rọ̀ Tó Dé Iwájú Adájọ́

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń fagi lé nínú ìwé àdéhùn ìpínyà bí mo bá ti rí i: "Ọkọ yóò máa ṣe ojúṣe rẹ̀ lórí àwọn ọmọ." Àwọn mọ̀lẹ́bí tó jókòó ìpàdé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí ó dùn ún gbọ́ létí, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bí oṣù méjì bá kọjá tí owó kò wọlé, kò sí adájọ́ tó lè rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Ojúṣe wo? Eélòó? Ọjọ́ wo nínú oṣù? Inú akáǹtì ta ni? Ìwé tí kò bá dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí, àdúrà ni, kì í ṣe àdéhùn.

Ìlú Èkó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ ọ́fíìsì mi. Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn níbí ni àwọn tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tàbí tí wọ́n ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ló de irú wọn. Òfin yìí kì í kánjú tú ilé ká. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ kò lè gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga àfi bí adájọ́ bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà tí ariwo rẹ̀ kéré jù láti fi hàn pé ìgbéyàwó ti túká ni kí tọkọtaya ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì kí ẹnì kejì má sì takò ó, tàbí kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta yẹn, àwọn ọmọ ń jẹun, iléèwé ń béèrè owó, òrùlé sì ń jò. Àárín yẹn ni ìwé àdéhùn ìpínyà wà fún.

Àwọn tí wọ́n so yìgì nìkan, tàbí tí wọ́n ṣe ìdána tí wọn kò sì dé kóòtù, òfin 1970 kò kàn wọ́n. Kóòtù ìbílẹ̀ tàbí àwọn àlùfáà ló ń parí tiwọn, ìyẹn sì nílò àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ọjọ́ tí wọ́n pínyà gan-an. Ọ̀pọ̀ á ní, "Ẹ wò ó, ó ti pẹ́." Pípẹ́ kò tó. Ọjọ́ yẹn ni a ó fi ka ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá lágbára owó ilé méjì, òfin gbà pé èèyàn lè pínyà lábẹ́ òrùlé kan, bó bá ṣe pé agbo ilé méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́: yàrá lọ́tọ̀, ìkòkò lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọṣọ fún ẹnì kejì. Ó ṣòro láti fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń kọ yàrá tí kálukú ń gbé sínú ìwé.

Bí wọ́n bá padà sọ́dọ̀ ara wọn ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ara ọkọ kò yá, ìyàwó lọ tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ohun tí wọ́n ń gbé pọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún èyí. Bí gbogbo àkókò tí wọ́n fi tún gbé pọ̀ kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ, ìpínyà àtijọ́ kò parẹ́. A kàn máa yọ oṣù mẹ́rin yẹn kúrò nínú kíkà ni. Bó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí, mo máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìpadàbọ̀ tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ kò sọ ìwé náà di òfo. Bí n kò bá kọ ọ́, ẹnì kan á dìde lọ́jọ́ kan, á ní gbogbo ohun tí òun fọwọ́ sí ti tú ká lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jọ sùn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ìwé tí ọkọ àti aya bá kọ láàárín ara wọn tilẹ̀ ní agbára. Mo máa ń sọ ìtàn ẹjọ́ Merritt fún wọn, tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òfin wa mọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1966, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ti kó kúrò nílé lọ bá obìnrin mìíràn pàdé ìyàwó rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ owó. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọkùnrin náà ni wọ́n jókòó sí. Ó gbà láti máa fún un ní 40 pọ́n-ùn lóṣù, kí obìnrin náà sì máa yọ owó tí wọ́n ṣì jẹ lórí ilé nínú rẹ̀. Obìnrin yìí kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ọkùnrin náà fi fa bébà yọ, tó kọ ọ́ pé bí ìyàwó òun bá san gbèsè ilé tán, òun yóò yí ilé náà sí orúkọ rẹ̀ nìkan. Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì sí i. Obìnrin san gbèsè tán, ọkùnrin ní òun kò yí ilé kankan mọ́, pé ọ̀rọ̀ inú ilé lásán ni. Ní 1970, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé irọ́ ni: nígbà tí tọkọtaya bá ń fẹ́ra wọn dáadáa, a lè gbà pé ìlérí láàárín wọn kò dé kóòtù, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń pínyà kì í gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn mọ́, wọ́n ń dúnàá-dúrà ni. Bébà kékeré yẹn ló gba ilé fún obìnrin náà. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣì ń lò lórí ọ̀rọ̀ àdéhùn nílẹ̀ yìí, ẹjọ́ yẹn sì ṣì wúlò gan-an.

Síbẹ̀, èmi kì í fi bébà inú ọkọ̀ mọ. Mo máa ń ṣe é ní ìwé tí a fi èdìdì dì, tí àwọn méjèèjì buwọ́ lù lójú ẹlẹ́rìí, nítorí ìlérí lásán tí ẹnì kejì kò san nǹkankan fún lè ṣubú ní kóòtù, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi èdìdì dì yóò dúró. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pínyà, tàbí pé wọ́n fẹ́ pínyà lójú ẹsẹ̀. Tọkọtaya tó ṣì ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá jà lọ́dún mẹ́wàá sí i, òfin àtijọ́ kò fẹ́ràn irú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n mú tọkọtaya kan wá, tí mo ti yí àwọn àmì ìdánimọ̀ wọn padà. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní Àpápá, ó ń gba 450,000 náírà lóṣù. Olùkọ́ ni ìyàwó, ó ń gba 140,000, ó sì ń ránṣọ nírọ̀lẹ́. Ọmọ mẹ́ta, ọdún 14, 11 àti 6. Wọ́n ní ilé oníyàrá mẹ́ta ní Ìkòròdú. Orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí rìsíìtì àti sọ́fè ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ló yá mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ láti fi kan òrùlé. Wọ́n ṣì ń yọ 50,000 lóṣù nínú owó oṣù rẹ̀, ó sì ku 600,000. Ọkọ ti gba ilé kékeré sí Ṣómólú, 700,000 lọ́dún.

Lórí ilé, gbólóhùn tí ìyàwó gbé wá ni pé "ilé jẹ́ ti àwọn ọmọ." Mo fagi lé ìyẹn náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè fọwọ́ sí ìwé títà, kò sì lè kan páànù. Ohun tí a kọ ni pé ìyàwó àti àwọn ọmọ yóò máa gbé inú ilé títí àbígbẹ̀yìn yóò fi pé ọdún 18. Pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi í yáwó, kò sì gbọ́dọ̀ gba ayálégbé sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i lórí ìwé. Pé bí wọ́n bá tà á lọ́jọ́ iwájú, ìdajì-ìdajì ni. Gbèsè alájẹṣẹ́kù, ọkọ yóò máa dá 25,000 padà fún ìyàwó lóṣù, fún oṣù 12, títí yóò fi tán. Àtúnṣe tí kò ju 50,000 lọ, ẹni tó ń gbé inú ilé ló ni ín. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì ni.

Ṣùgbọ́n àdéhùn ọkọ àti aya kò so ọwọ́ àjèjì. Bí ọkọ bá mú rìsíìtì àti sọ́fè lọ bá ẹni tó fẹ́ ra ilé, tí onítọ̀hún kò sì mọ nǹkankan, ẹjọ́ gígùn ló kù fún ìyàwó. Nítorí náà a kó àwọn ojúlówó ìwé ilẹ̀ náà sí ọ́fíìsì lọ́yà kan tí àwọn méjèèjì gbà, pẹ̀lú lẹ́tà pé kò gbọ́dọ̀ kó o fún ẹnì kan láìsí ẹnì kejì. Fún ilẹ̀ tó ti ní ìwé àṣẹ gómìnà, ó yẹ kí ẹ tún lọ fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ní Aláúsá. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ yí ilé sí orúkọ ìyàwó pátápátá, ìwé ìpínyà nìkan kò lè ṣe é: ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìwé ìfà-ilẹ̀-léni-lọ́wọ́, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda gómìnà gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ṣe wí. Mo ti rí àwọn obìnrin tó gbára lé àdéhùn nìkan, tí ìwé ilé wọn ṣì wà lórúkọ ọkọ nígbà tí ọkọ kú.

Ibi owó ni àdéhùn tí ń wó. Lọ́yà ìyàwó kọ́kọ́ béèrè 200,000 lóṣù fún oúnjẹ àwọn ọmọ, ọkọ sì ṣe tán láti fọwọ́ sí i kí ìpàdé lè parí. Mo ní ká dúró ká ṣírò. Owó iléèwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 390,000 ní sáà kan, ọkọ ló sì fẹ́ máa san án. Bí a bá pín sáà mẹ́ta sí oṣù 12, 97,500 ni lóṣù. Ilé tirẹ̀ tó 58,000 lóṣù. Ti alájẹṣẹ́kù jẹ́ 25,000. Bó bá tún gbé 200,000 kalẹ̀, nǹkan bíi 69,000 ló kù fún un láti fi wọkọ̀ lọ Àpápá, kó fi jẹun, kó fi tọ́jú ìyá rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pé oṣù mẹ́ta kó tó fọ́, ìyàwó ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ jù. Nígbà tí ọkùnrin bá ń tètè sọ pé "kò sí wàhálà, ẹ kọ ọ́," ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹ̀rù ba lọ́yà ìyàwó. A fẹnu kò sí 120,000, kó wọlé sínú akáǹtì ìyàwó kó tó di ọjọ́ 28 oṣù, nítorí ọjọ́ 25 ni owó oṣù ọkọ ń wọlé. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 149,000 ṣẹ́kù fún ọkọ.

Owó iléèwé kò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ìyàwó kọjá. Ọkọ ń san án tààrà sí akáǹtì iléèwé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó wọlé, ó sì ń fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. A tún kọ ohun tí "owó iléèwé" kó pọ̀: ìwé, aṣọ, bọ́ọ̀sì, owó ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ti àkọ́bí. Lẹ́sìnnì ilé kò sí nínú rẹ̀. Ó dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n orí bọ́ọ̀sì àti lẹ́sìnnì ni ọ̀pọ̀ ìjà tí mo mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìtọ́jú ìlera tí kò ju 20,000 lọ, ìyàwó á bojú tó o. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ á gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta, bí ìyàwó bá ti fi rìsíìtì hàn láàárín ọjọ́ méje.

Ìlà kan wà tí n kì í jẹ́ kí ìwé kankan jáde láìsí i: gbogbo iye owó yóò di àtúngbéyẹ̀wò ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún. Ẹni tó bá kọ 60,000 sínú àdéhùn ní 2021, àpò ìrẹsì kò tó 30,000 nígbà náà. Ní 2024 ó ti kọjá 70,000. Ìwé kan náà, ìbuwọ́lù kan náà, ṣùgbọ́n owó tó ń ra àpò méjì kò ra ẹyọ kan mọ́. A sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ: kó sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 14, kó san ìdajì fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí wọ́n jókòó.

Lórí àwọn ọmọ, àwọn àgbà ìdílé ọkọ dé ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbà pé ó ti yanjú: bàbá ló ni ọmọ. Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì sọ fún wọn pé adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga kì í ka ìyẹn sí. Ire ọmọ ni òfin 1970 fi ṣáájú gbogbo nǹkan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 àti èyí tí Èkó ṣe ní 2007. Ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ní, "Lọ́yà, ṣé a ò wá ní rí ọmọ wa mọ́ nìyẹn?" Ìbéèrè yẹn tọ́, ìwé náà sì dá a lóhùn. Àwọn ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá. Bàbá ń mú wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì-kejì, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí aago mẹ́fà ọjọ́ Àìkú, àti ìdajì gbogbo ìsinmi. Ó ń gbà wọ́n ní ẹnu ọ̀nà iléèwé, kì í ṣe ní ilé Ìkòròdú, torí orí ìloro yẹn ni wọ́n ti máa ń jà. Kò sí ẹni tó lè gbé ọmọ lọ sí òkè òkun, tàbí kó yí iléèwé rẹ̀ padà, tàbí kó fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí àǹtí kan láti máa gbé ibẹ̀, láìsí ìwé ẹnì kejì.

Ìyàwó fẹ́ kí n fi kún un pé bí owó kò bá wọlé, ọmọ kò ní lọ. Mo kọ̀. Owó ní ìlà tirẹ̀, ìbẹ̀wò ní ìlà tirẹ̀. Adájọ́ tó bá rí i pé wọ́n fi ọmọ ṣe ohun ìdógò yóò ka ìwé tó kù pẹ̀lú ojú burúkú. Ohun tí a fi sí i dípò ìyẹn ni pé bí owó bá pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ, wọn ó kọ́kọ́ lọ sí ibi ìlàjà, bí ti Lagos Multi-Door Courthouse tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, níbi tí ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ti lè di ìdájọ́ kóòtù. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ìyàwó lè pè é lẹ́jọ́ lórí ìwé àdéhùn náà.

Àwọn nǹkan kan kò ṣe é kọ. Ọkọ fẹ́ ìlà pé ìyàwó kò gbọ́dọ̀ béèrè kọ́bọ̀ kankan mọ́ ní kóòtù láéláé. Láti ẹjọ́ Hyman ní 1929 ni àwọn adájọ́ ti sọ pé kò sí ẹni tó lè fi àdéhùn ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti béèrè ìtọ́jú níwájú kóòtù nígbà ìkọ̀sílẹ̀. Kóòtù nìkan ló lè ti ilẹ̀kùn yẹn, bó bá gbé àdéhùn yẹ̀ wò tó sì fọwọ́ sí i. Ti àwọn ọmọ kò tiẹ̀ ṣe é tà rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìpínyà kò sọ ẹnikẹ́ni di àpọ́n: ẹni tó bá tún lọ ṣe ìgbéyàwó kóòtù mìíràn kí ìdájọ́ tó jáde ti rú òfin ìwà ọ̀daràn.

Ohun tí wọ́n gbàgbé títí mo fi béèrè ni ikú. Níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó kò tíì tú ká, ọkọ ni ọkọ, aya ni aya, ẹni tó bá kù yóò jogún ẹni tó lọ bí kò bá sí ìwé ìhágún. Orúkọ ìyàwó ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì ọkọ. Ọkọ fẹ́ yí i sí ti àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn àríyànjiyàn díẹ̀ wọ́n gbà pé kó yí i sí orúkọ àwọn ọmọ, kí kálukú sì lọ kọ ìwé ìhágún tirẹ̀ láàárín oṣù kan.

Lọ́yà méjì ló bá wọn ṣe é, ọ̀kan fún ọ̀kan. Ọkọ mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá, ìyàwó mú ti alájẹṣẹ́kù, nítorí ẹni tó bá fi owó pamọ́ ti fún ẹnì kejì ní ohun tí yóò fi wó àdéhùn náà. Wọ́n fọwọ́ sí i, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, yàtọ̀ sí oṣù méjì kan tí owó fi pẹ́.

Nígbà tí ọkọ gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá, ìyàwó kò takò ó. Adájọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọjá lásán, ní pàtàkì àwọn méjì tí kò tíì pé ọdún 16. Ó ka ìwé àdéhùn náà, ó bi ìyàwó bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú un, ó béèrè ìwé owó oṣù ọkọ tó dé kẹ́yìn. Ó gbé 120,000 sí 160,000, torí owó oṣù ọkọ ti lọ sókè, ó sì jẹ́ kí ìyókù dúró bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìdájọ́ náà di àṣẹ pátápátá, a sì fi orúkọ ìyàwó kún ìwé ilé.